Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ 1955 Lójú Ìgbésẹ̀ Mẹ́jọ Kotter: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Kẹta

Olùkọ́ wa, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ kú ìjókòó.

John Kotter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ló to ìgbésẹ̀ mẹ́jọ yìí sílẹ̀ fún ìyípadà ní 1995, lẹ́yìn tó ti wo ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó fẹ́ yí ìṣe wọn padà, tí púpọ̀ nínú wọn forí ṣánpọ́n. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà la fi wò ó. A ò tíì rìn jìnnà sí Àkúrẹ́ níbí tá a fi rí orírun rẹ̀: Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ní 1951, Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló sì kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gùn lé.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba àríyànjiyàn. Àkọ́kọ́ ni kánjúkánjú: àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò rílé ìwé lọ kò gbọdọ̀ dọ̀la. Ìkejì ni àjọṣe àwọn aṣáájú: Awólọ́wọ̀, Awókọ́yà tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́, àti Ajásin fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ìkẹta ni ète, tiwọn sì ṣe é sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí gbogbo ọmọ wọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1955.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, ìyẹn kí ará ìlú gbọ́ ọ yé, ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Awókọ́yà gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952, ṣùgbọ́n owó orí tí wọ́n máa fi gbọ́ bùkátà rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé etí àgbẹ̀. Ẹgbẹ́ Alákùkọ, ìyẹn NCNC, mú ìyẹn lò. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ 1954, àwọn ló fẹ̀yìn Ọlọ́pẹ balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Kotter ní kí ìgbésẹ̀ kẹfà mú èrè kékeré wá lọ́nà, tí ojú lè rí. Kí ni òbí kan rí láàárín 1952 sí 1954? Wọ́n ń kọ́ olùkọ́, wọ́n ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìgbésẹ̀ karùn-ún nìyẹn, kí wọ́n mú ìdènà kúrò lọ́nà, iṣẹ́ ńlá sì ni, àmọ́ kò tíì sí ọmọ tó jókòó lórí àga. Ká ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé mélòó kan ṣáájú, àwa gbà pé ìbò yẹn ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù kìíní 1955 ló yí i padà. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí na ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó ti tó wọlé. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó lé díẹ̀ ní 450,000 ní 1954 di èyí tó lé ní 800,000. Ọlọ́pẹ sì wọlé padà nínú ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní 1956.

Lórí ìgbésẹ̀ keje, kí wọ́n má dúró lórí èrè àkọ́kọ́, wọ́n dá ilé ìwé módà sílẹ̀ fún àwọn tó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò tíì parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àléébù gidi ni lójú wa. Ti ìkẹjọ, kí ó di àṣà: ní 1979 tí Ajásin di gómìnà Oǹdó, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà, UPN, tún fi tọrọ ìbò.

A ti ṣe tán láti gba ìbéèrè yín, mà.