Ibi Tí Iṣẹ́ Ilé Ìsìn Tuntun Dé: Ìjábọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé fún Ìjọ

Apata, Ìbàdàn. Ọjọ́ Ìsinmi, 26 Oṣù Kìíní 2025

1. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó
Ògiri ti parí, òrùlé ló kù. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ la fẹ́ kàn án.
*Fọ́tò: Ilé ìsìn tuntun láti ẹnu géètì. Eruku ọyẹ́ ló bo àwòrán yìí, kì í ṣe ẹ̀bi ayàwòrán.*

2. Owó tó wọlé: ₦29,400,000
(àmì kan tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan)

Ìkórè ████████████ ₦11,600,000
Ẹ̀jẹ́ tí a ti san █████████ ₦9,300,000
Àwọn ẹgbẹ́ █████ ₦5,200,000
Àwọn ọmọ wa lókè òkun ███ ₦3,300,000

3. Owó tó jáde: ₦27,300,000

Ìpìlẹ̀ █████████ ₦8,700,000
Búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, iyanrìn ███████████ ₦11,400,000
Irin, òkúta, ọwọ̀n ██████ ₦5,600,000
Owó bíríkìlà ██ ₦1,600,000

₦2,100,000 ló kù ní báńkì.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè ìdí tí ₦31,000,000 tí a kéde ní 2022 kò fi tó mọ́. Ẹ̀yin náà ń lọ sọ́jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tí a kò jẹ́ ṣe ni pé ká dín sìmẹ́ńtì kù nínú àpòpọ̀.

*Fọ́tò: Búlọ́ọ̀kù 43 tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí a ti ń já wọn sílẹ̀ ni igun wọn ń rún bí iyẹ̀fun. A dá gbogbo wọn padà, wọ́n sì pààrọ̀ wọn fún wa láìgba kọ́bọ̀.*

4. Òrùlé: ₦10,200,000
Pákó àpá láti Bódìjà, tí a ó fi oògùn ikán pa kó tó gòkè. Páànù alumíníọ̀mù 0.55 mm. Àwọn kan ní ká ra èyí tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ kò gbà: ìjì Oṣù Kẹta máa ń ṣí irú páànù bẹ́ẹ̀ dànù.

*Fọ́tò: Inú ilé, ojú ọ̀run lókè, àgbò kan tó ti fi ibi pẹpẹ ṣe ilé.*

5. Ẹ̀jẹ́
A jẹ́ ẹ̀jẹ́ ₦17,100,000.

San tán █████████ ₦9,300,000
Kò tíì wọlé ████████ ₦7,800,000

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: bí ₦7,800,000 yìí bá wọlé, tí a fi kún ti báńkì, ₦300,000 péré ló kù kí òrùlé pé. Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ti ní àwọn yóò gbé ìyẹn.

A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni níwájú ìjọ. Akápò yóò pe oníkálùkù lọ́tọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbé e tán lẹ́ẹ̀kan lè máa san án díẹ̀díẹ̀ títí di òpin Oṣù Kejì.

6. Ìbéèrè
Gbogbo rìsíìtì wà nínú fáìlì lórí tábìlì ẹ̀yìn. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó lọ sílé.