Agbọ́n kékeré tó gba ẹ̀gẹ́ wa là

1/26
Lọ́dún 1981, ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ tú agbọ́n kéékèèké kan sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́. Agbọ́n náà kò tó mílímítà 2 ní gígùn. Gàrí tí ẹ mu lánàá, ọwọ́ agbọ́n yẹn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. 🧵

2/26
Òun ni lẹ́tà mi ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lé lórí. Lẹ́tà náà gùn, ọ̀pọ̀ yín sì kọ̀wé sí mi pé ẹ kò ráyè kà á tán. Mo ti gé e wẹ́wẹ́ síbí fún yín. Ẹ máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

3/26
Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn Pọtogí ló gbé e wá sí etíkun wa láàárín ọdún 1500 sí 1600. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bùràsíìlì láwọn ọdún 1800 sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gàrí ṣíṣe gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

4/26
Ohun ọ̀gbìn tó bá kúrò nílé máa ń fi púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sẹ́yìn. Fún nǹkan bí 400 ọdún, ẹ̀gẹ́ wà ní Áfíríkà láìfojú kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀tá tó ní ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún dé ibẹ̀.

5/26
Ní nǹkan bí ọdún 1973, lágbègbè Kóńgò, àwọn àgbẹ̀ rí ohun tí wọn kò rí rí. Kòkòrò funfun kan, tí ara rẹ̀ rí bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lù ú, ló bo ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ wọn. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé inú igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló bá wọlé.

6/26
Ní 1977, àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ: Phenacoccus manihoti.

Kò ní akọ. Abo ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń yé ẹyin tó ń pa láìrí akọ rárá. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé nǹkan bí 400 ẹyin. Ẹyọ kan péré tó bá dé oko ti tó.

7/26
Bó ṣe ń ṣọṣẹ́ rèé. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, itọ́ rẹ̀ sì ní májèlé nínú. Ewé òkè á ká kò, oríkèé igi á sún mọ́ra, ewé á re tán, igi á wá dúró ní ìhòòhò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló burú jù. Òjò ńlá máa ń fọ̀ wọ́n dànù.

8/26
Láwọn oko kan, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìkórè ló ṣègbé.

Kò sì mọ síbẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ tó ti bàjẹ́ kò ṣeé gbìn fún ọdún tó ń bọ̀. Ní Kóńgò, ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ìyẹn náà lọ. Oúnjẹ òní lọ, irúgbìn ọ̀la lọ, ọbẹ̀ lọ.

9/26
Ó ń bá igi ẹ̀gẹ́ rìn láti oko dé oko, afẹ́fẹ́ náà sì ń gbé e. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ó ti dé Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ní Áfíríkà nígbà náà tó 200 mílíọ̀nù ènìyàn.

10/26
Ẹni tó kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí bi mí pé: kí ló dé tí wọn kò kàn fín oògùn?

Ta ni yóò ra á? Mẹ̀kúnnù ló ń gbin ẹ̀gẹ́, nítorí pé ẹ̀gẹ́ kì í náni lówó púpọ̀. Kòkòrò náà sì ń sá pa mọ́ sínú ewé tó ká, oògùn kì í dé ibẹ̀ dáadáa.

11/26
Ẹ tún rántí àwọn tó ń jẹ ewé rẹ̀. Ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ se ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ fún ni ì bá máa jẹ oògùn náà. Ní tèmi, èyí nìkan ti tó láti wá ọ̀nà mìíràn.

12/26
Ní 1979, ọmọ ilẹ̀ Suwisi kan, Hans Herren, dé sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn. Èrò tó gbé dání kò lọ́jú pọ̀: kòkòrò yìí kò ṣe báyìí nílé rẹ̀. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ká lọ wá a.

13/26
Wọ́n wá a káàkiri Àárín Amẹ́ríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wíwá rẹ̀ nira, ìdí rẹ̀ sì dùn mọ́ mi púpọ̀: nílé rẹ̀, kòkòrò náà ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kì í jẹ́ kó pọ̀ tó ohun tí ojú lè tètè rí.

14/26
Nígbà tó yá, wọ́n rí èyí tó jọ ọ́. Inú wọn dùn. Wọ́n kó àwọn ohun tó ń jẹ ẹ́ jọ.

Wọn kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n rí. Ìyẹn ní akọ, ó ní abo. Ohun tó ń jẹ ìyẹn kò rí ti Áfíríkà jẹ.

15/26
Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù nínú lẹ́tà náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi awò amúǹkantóbi wo irun ara kòkòrò, kí wọ́n lè sọ pé èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn ló jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé ìrìn àjò náà kò tíì parí.

16/26
Ní 1981, Tony Bellotti, onímọ̀ kòkòrò ní CIAT, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn kan ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò funfun náà ní orílẹ̀-èdè Paragúáì. Òun gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n sì rí agbọ́n kékeré kan tó ń gbé ara rẹ̀ jẹun. Orúkọ agbọ́n náà lónìí ni Anagyrus lopezi.

17/26
Abo agbọ́n yìí á fi ìwo orí rẹ̀ tọ́ kòkòrò funfun wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gún un, á yé ẹyin sí i nínú. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á máa jẹ inú kòkòrò náà títí tí yóò fi kú. Ara rẹ̀ á gbẹ koránkorán, agbọ́n tuntun á dá ihò lu, á fò jáde.

18/26
Bí ebi bá sì ń pa abo agbọ́n náà, ó máa ń gún kòkòrò funfun mìíràn, á fa omi ara rẹ̀ mu.

Kì í ta ènìyàn. Kì í jẹ ewé.

19/26
"Kíkó kòkòrò àjèjì wọ̀lú, ṣé kò léwu?" Ó léwu púpọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kàn dìde ṣe é. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbé e wá sí Ìbàdàn tààrà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ sé e mọ́, kó má baà kó ohun búburú mìíràn dání.

20/26
Ní oṣù kọkànlá 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oko IITA ní Ìbàdàn. Ó là á já. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti tàn ká oko ẹ̀gẹ́ jákèjádò gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Àgbẹ̀ kò gbé e, àgbẹ̀ kò rà á, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tilẹ̀ rí i sójú.

21/26
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin ín lọ́pọ̀ yanturu, ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní Calavi lẹ́bàá Kùtọnu, níbi tí IITA ṣí ibùdó kan sí ní 1988 fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfúrufú tú u sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ló gbé e dé.

22/26
Báwo la ṣe mọ̀ pé agbọ́n ló ṣe é, tí kì í ṣe òjò? Àwọn onímọ̀ dán an wò. Wọ́n fi aṣọ bo àwọn ẹ̀gẹ́ kan kí agbọ́n má lè wọlé, wọ́n fi oògùn pa agbọ́n lára àwọn mìíràn. Níbi tí agbọ́n kò sí, kòkòrò funfun tún pọ̀ rẹpẹtẹ. Níbi tí agbọ́n wà, kòkòrò náà lọ sílẹ̀.

23/26
Ní 1988, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ṣírò rẹ̀: dọ́là 1 tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ yìí mú èrè dọ́là 149 wá. Àgbẹ̀ ló jẹ èrè náà. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò wọn.

Ní 1995, wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

24/26
Nígbà tí kòkòrò yìí dé Tailáńdì ní 2008, tó ń ba ẹ̀gẹ́ wọn jẹ́, ibo ni wọ́n sá wá? Orílẹ̀-èdè Benin ni. Ní 2009, láti ibùdó IITA níbẹ̀ ni agbọ́n náà ti lọ sí Éṣíà. Ó yẹ kí ìtàn yìí wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà nílé ẹ̀kọ́. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà.

25/26
Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ẹ̀gẹ́: kòkòrò náà kò tán, agbọ́n náà kò tán. Ẹ má sáré fín oògùn apakòkòrò, agbọ́n ni yóò kọ́kọ́ pa. Ilẹ̀ oníyanrìn tó ti ṣá ni agbọ́n ti ń rẹ̀yìn, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ibẹ̀. Igi tó mọ́ tónítóní ni kí ẹ gbìn.

26/26
Lẹ́tà náà ní kíkún wà lójú ìwé mi, àwòrán agbọ́n náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dáko ní bí ọdún 1980 sí 1985, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ibí: kí lẹ pe kòkòrò funfun yìí lágbègbè yín, ìgbà wo lẹ sì ṣàkíyèsí pé ó ti dínkù? Mo fẹ́ kó ìdáhùn yín sínú lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.