Lẹ́tà sí Ọ̀gá Àgbà lórí owó tá a máa fi pààrọ̀ pùrójẹ́kítọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Sà, ọ̀rọ̀ pùrójẹ́kítọ̀ ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tá a lè máa gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́fà la ní, mo sì tú gbogbo wọn wò nígbà ìsinmi, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló nílò ká pààrọ̀.

Méjì ò ní nǹkan kan, eruku ló dí fílítà wọn, tí wọ́n bá ti gbóná tán wọ́n á kàn kú fúnra wọn, mo ti gbọn ọ́n wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ti lábù, bọ́ọ̀bù tuntun nìkan ló ń fẹ́, iná LAMP ẹ̀ ti di pupa.

Mẹ́ta tó kù gan-an ni wàhálà. Ti kíláàsì kẹrin ti ba àwọ̀ jẹ́, gbogbo nǹkan tó bá gbé jáde ló ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń fi wáyà iná hàn wọ́n, ọmọ kan ní "Sà, èwo ló pupa nínú méjèèjì?", èmi tí mo yà á ni mo tún lọ yọjú wo kọ̀ǹpútà mi kí n tó lè dá a lóhùn. Ti kíláàsì karùn-ún, àmì dúdú tóótòòtó ló kún ojú ẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ní àwọn ọmọ ń kà á mọ́ póíǹtì, 35 á di 3.5. Ìkẹta ti ṣú débi pé àfi ká ti gbogbo fèrèsé ká tó ríran, ooru á wá mú àwọn ọmọ, wọ́n á máa tòògbé, ojú tí wọ́n ń ki wáyà VGA bọ̀ nìkan ló sì ní, láǹtópù tuntun táwọn olùkọ́ ń lò ò ní in. Alátùn-únṣe tó wò wọ́n ní owó páàtì wọn ò jìnnà sí owó tuntun.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni mẹ́ta tuntun tó jẹ́ ti lésà, tó ní ojú HDMI tí láǹtópù tuntun ń lò, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò sì dín ní 3,500 lúmẹ̀n, pẹ̀lú bọ́ọ̀bù kan fún ti lábù. Òótọ́ ni pé ti lésà wọ́n ju ti bọ́ọ̀bù lọ, àmọ́ bọ́ọ̀bù sábà máa ń lò tó nǹkan bíi wákàtí 3,000 sí 5,000 ká tó tún ra òmíràn, ti lésà lè tó 20,000. Ní tèmi o, èyí tá ò ní máa ra bọ́ọ̀bù sí ló rọ̀ wá lọ́rùn.

Tówó ò bá ká mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká fi ti kíláàsì kẹrin àti karùn-ún bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ló ń jókòó ṣèdánwò. Ìwé iye owó látọ̀dọ̀ àwọn òǹtajà mẹ́ta wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ẹni àárín ni mo fara mọ́, òun nìkan ló fún wa ní wáráńtì ọdún mẹ́ta.

Èmi ni màá máa gbọn fílítà lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá ráyè lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, mo lè tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Ẹ ṣé púpọ̀ sà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà