Ohun tí wọ́n kọ sára páálí yín láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Mo ti rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Bí ìwé ara páálí náà ṣe lọ ní Yorùbá rèé, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

ÌKÉDE ẸRÙ FÚN AṢỌ́BODÈ, CN 23
Aṣọ́bodè láṣẹ láti ṣí i wò.

Nọ́ńbà ẹrù: CP384617209GB
(Ẹ dà á kọ sínú ìwé. Òun ni wọn yóò fi wá a ní pósítọ́fíìsì.)

Ẹni tó fi ránṣẹ́: Orúkọ Ẹ̀gbọ́n mi ni, pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn ní Pẹ́kámù.

Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí: Orúkọ yín, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tí ẹ ti pa tì ni. Bí wọ́n bá pè é, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Irú ẹrù: Wọ́n fàlà sí “Ẹ̀bùn”. Wọn ò fọwọ́ kan “Ìwé”, “Ọjà títà”, “Àpẹẹrẹ ọjà”, “Ọjà tí a dá padà” àti “Òmíràn”.

Àlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀:

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ 1, tuntun, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ìwúwo 0.6 kìlò. Iye 38 pọ́n-ùn. Nọ́ńbà irú ọjà 901890. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é: CN.

Aṣọ ọmọ ọwọ́, òwú, ẹyọ 12. Ìwúwo 0.9 kìlò. Iye 42 pọ́n-ùn. Nọ́ńbà 611120. Ilẹ̀: BD.

Bàtà obìnrin, awọ, ẹsẹ̀ méjì kan. Ìwúwo 1.1 kìlò. Nọ́ńbà 640399. Ilẹ̀: PT. Téèpù bo iye tí wọ́n kọ, àmọ́ bí mo ṣe yọ àwọn yòókù kúrò nínú àpapọ̀, 45 pọ́n-ùn ló kù.

Tíì dúdú inú páálí kékeré, ẹyọ 2. Ìwúwo 0.5 kìlò. Iye 9 pọ́n-ùn. Nọ́ńbà 090230. Ilẹ̀: GB.

CN tó wà níwájú ẹ̀rọ yẹn, Ṣáínà ni. Kò jẹ mọ́ CN 23 tó wà lókè. BD ni Báńgíládéṣì, PT ni Pọtogí, GB ni Bìrìtìkó.

Àpapọ̀ ìwúwo pẹ̀lú páálí: 3.6 kìlò
Àpapọ̀ iye: 134 pọ́n-ùn
Ìwé àṣẹ, ìwé ẹ̀rí, ìwé owó ọjà: Kò sí.

Bí ẹrù kò bá dé ọwọ́ ẹni tó ni ín: Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, “Ẹ dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́” àti “Ẹ kà á sí ohun tí a pa tì”. Ti àkọ́kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n mi fàlà sí.

Ìjẹ́rìí: “Mo jẹ́rìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síbí, àti pé kò sí ohun eléwu tàbí ohun tí òfin kà léèwọ̀ nínú ẹrù yìí.” Wọ́n buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2025.

Màmá, torí nọ́ńbà fóònù yẹn, ẹ má dúró de ìpè wọn. Ẹ lọ bá wọn ní pósítọ́fíìsì láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín àti owó díẹ̀ dání, torí “Ẹ̀bùn” tí wọ́n kọ kò ní kí aṣọ́bodè má bu owó lé e. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tó wà nínú rẹ̀, mẹ́rin tí mo kọ sókè yìí ni kí ẹ dárúkọ.