Àtúnkọ ìpínrọ̀ ọ̀nà ìṣèwádìí àti àbájáde: omi iyọ̀ àti híhù hóró àgbàdo

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìpínrọ̀ tí o fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí a ṣe nínú ilé ìwádìí mọ́ ju bí ìpínrọ̀ náà ṣe sọ ọ́ lọ, ìyẹn ló sì mú mi tún un kọ. N kò yí nọ́ńbà kankan padà, àfi n. Àwọn tí mo fi kún un wá láti inú ìwé àkọsílẹ̀ wa àti tábìlì rẹ. Mo kọ́kọ́ da tìrẹ kọ síbí, kí o lè fi ojú méjèèjì wo wọn pọ̀.

Bí o ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Fífọ hóró àgbàdo nínú sódíọ̀mù haipokílóráìtì 1% wáyé fún ìṣẹ́jú 10, ṣíṣàn wọn sì di ṣíṣe. Pípín hóró náà sínú àwo Petri wáyé, fífi omi NaCl tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0, 50, 100 àti 150 mM sí i sì tẹ̀ lé e. A tọ́jú wọn ní 25 °C fún ọjọ́ 7, a sì ka iye tí ó hù. Ìdínkù nínú híhù ni a ṣe àkíyèsí rẹ̀ pẹ̀lú àlékún ìwọ̀n iyọ̀ (n = 100). Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàárín àwọn ìwọ̀n náà (p < 0.001), ṣùgbọ́n iyọ̀ 50 mM kò ní ipa kankan."

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí:

"Olùṣèwádìí àkọ́kọ́ rẹ hóró àgbàdo 400 sínú sódíọ̀mù haipokílóráìtì 1% fún ìṣẹ́jú 10, ó sì fi omi dísítíìlì ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tẹ́ bébà asẹ́ méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwo Petri 16, ó sì to hóró 25 sórí rẹ̀. Ó ṣẹ́ kèké láti pín àwo mẹ́rin fún ìwọ̀n iyọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wá bu omi NaCl 0, 50, 100 tàbí 150 mM sínú àwo kọ̀ọ̀kan, 10 mL fún àwo kan. Nọ́ńbà nìkan ló kọ sára àwo. Kò kọ ìwọ̀n iyọ̀. Ó gbé gbogbo wọn sínú àpótí tí ó ń mú ooru dúró ní 25 °C, nínú òkùnkùn. Olùṣèwádìí kejì, tí kò mọ ìwọ̀n iyọ̀ tó wà nínú àwo kankan, ka hóró tó hù lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo wákàtí 24 fún ọjọ́ 7. Hóró tí gbòǹgbò àkọ́yọ rẹ̀ gùn tó 2 mm, ó kéré tán, ni a kà sí èyí tó hù. Àwa méjèèjì ṣírò ìdá tó hù nínú àwo kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ keje, a fi ìtúpalẹ̀ ìyàtọ̀ ọlọ́nà kan wé ìwọ̀n iyọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì fi àyẹ̀wò Tukey wé wọn ní méjì-méjì. Àwo ni ẹyọ tí a fi ṣe ìṣírò, kì í ṣe hóró (n = 4 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan).

"Bí iyọ̀ inú omi ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró tó ń hù ń dín kù. Lọ́jọ́ keje, àròpín ìdá tó hù jẹ́ 96% nínú omi aláìníyọ̀ (ìyapa òdiwọ̀n 3.3), 91% ní 50 mM (2.0), 78% ní 100 mM (2.3) àti 53% ní 150 mM (3.8). Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ju èyí tí ó yẹ kí ó wà bí iyọ̀ kò bá yí híhù padà (F(3, 12) = 170.6, p < 0.001). Àyẹ̀wò Tukey ya 100 mM àti 150 mM sọ́tọ̀ kúrò lára omi aláìníyọ̀, kúrò lára 50 mM, àti kúrò lára ara wọn (p < 0.01 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan). Kò ya 50 mM sọ́tọ̀ kúrò lára omi aláìníyọ̀ (p > 0.05)."

Ọ̀rọ̀ "a" ló gbà mí lákòókò jù. Ní èdè wa, "a" lè jẹ́ àwa, ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, bí ìgbà tí a bá sọ pé "a bí i lọ́jọ́ Ajé". Nígbà tí o kọ "a sì ka iye tí ó hù", òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá ẹni tó bu omi iyọ̀ náà ló padà wá kà á. Bẹ́ẹ̀, ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn: ẹni tó kà á kò mọ èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe pín iṣẹ́ náà fún olùṣèwádìí àkọ́kọ́, ìyẹn ìwọ, àti ìkejì, ìyẹn èmi, tí mo sì kọ "àwa méjèèjì" níbi tí a ti jọ ṣe é. Mo fi "a" aláìlórúkọ sílẹ̀ níbi kan ṣoṣo, níbi tí a ti sọ hóró tí a kà sí èyí tó hù, nítorí òfin ni ìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe lọ́jọ́ kan.

"Wáyé" àti "di ṣíṣe" ni mo yọ kúrò pátápátá. Rẹ, ṣàn, tẹ́, bu, kà: àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrú, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn bí ọwọ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí mo tò wọ́n báyìí ni mo tó rí i pé a kò sọ iye omi tó wọ inú àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ wa ṣe kò lè ṣe é láìmọ̀ ọ́n.

Nínú àbájáde, ibi mẹ́ta ni mo ti ṣọ́ra gan-an. "Pàtàkì" ni àkọ́kọ́: bí o bá sọ fún òǹkàwé wa pé ìyàtọ̀ jẹ́ pàtàkì, yóò rò pé ó tóbi tàbí pé ó wúlò, ṣùgbọ́n p kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí a rí irú ìyàtọ̀ yìí, tàbí èyí tó jù ú lọ, bí iyọ̀ kò bá nípa rárá. Bí ó ṣe tóbi tó wà nínú 96 àti 53, ìdí nìyẹn tí mo fi kó àròpín wá síwájú p. Èkejì ni "kò ní ipa kankan". Àyẹ̀wò tí kò rí ìyàtọ̀ kò fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀; àròpín méjèèjì ṣì fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún jìn síra, àwo mẹ́rin sì kéré láti fi parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta ni n = 100. Lóòótọ́, hóró 100 ló wà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n hóró 25 inú àwo kan ń mu omi kan náà lórí bébà kan náà. Àwo 16 tí a yọ ìwọ̀n 4 kúrò nínú rẹ̀ ló fún wa ní 12 tó wà nínú F(3, 12), nítorí náà ẹni tó bá mọ ìṣírò yóò rí i kíákíá pé n = 100 kò bá a mu.

Ohun kan ṣì kù. Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé àkọsílẹ̀ wa ní iye hóró tó hù nínú àwo gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tó kà wọ́n níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwọ lo kà á nígbà tí n kò sí nílé, ìwọ tí o mọ ìwọ̀n iyọ̀ inú wọn, gbólóhùn nípa olùṣèwádìí kejì kò jẹ́ òtítọ́ fún ọjọ́ yẹn, a sì ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìpínrọ̀ náà. Jọ̀wọ́ rántí dáadáa, kí o sì kọ̀wé sí mi kí a tó fi í ránṣẹ́.