Àyẹ̀wò bí owó ìpolówó ṣe ń rìn ní Oṣù Kẹfà: kíkà ti òpin ọjọ́ 20

Sí: àwa tí a ń tọ́jú ìpolówó ní ọ́fíìsì Yábàá, àti Àǹtí tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀
Nípa: ilé ìtajà aṣọ, ẹ̀ka Balógun àti ẹ̀ka Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan yóò ní ọwọ́ wa ti le jù lórí owó. Nínú 5,400,000 náírà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó márààrún, 3,171,000 ló ti lọ. Ìdá 58.7 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ oṣù ti lọ tó ìdá 66.7. Àmọ́ àròpọ̀ yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìpolówó kan wà tí owó rẹ̀ máa tán ní ọ̀sán ọ̀la, méjì mìíràn sì wà tí wọn ò lè ná tiwọn tán láìjẹ́ pé a kàn dà á nù. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a gbé owó kúrò níbi tó ti ń sùn lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń béèrè aṣọ, kí a sì ṣe é lónìí, kí owó oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 25.

Ohun méjì kí a tó wo iye. Owó orí ọjà kò sí nínú ohun tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí. Ìdá 7.5 ni, nítorí náà 5,400,000 yóò di 5,805,000 nígbà tí a bá sanwó tán, iye yẹn náà ni oníbàárà fọwọ́ sí. Èkejì, aago Los Angeles ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì Meta yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago Èkó. Aago 8 àárọ̀ ọjọ́ 21 níbí ni ọjọ́ 20 tó parí níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á ní aago 12 òru yóò rò pé owó ò rìn, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́jọ ṣì kù. Lẹ́yìn aago 8 ni mo ka tèmi.

| Ìpolówó | Owó oṣù (₦) | Ó ti lọ (₦) | Ìrìn |
|---|---|---|---|
| 1. Google, àwọn tó ń wá orúkọ ilé ìtajà | 400,000 | 262,000 | 0.98 |
| 2. Google, àwọn tó ń wá aṣọ ẹbí | 1,200,000 | 1,104,000 | 1.38 |
| 3. Instagram àti Facebook, ọ̀rọ̀ sí WhatsApp | 2,000,000 | 1,310,000 | 0.98 |
| 4. Instagram, àwọn tó ti wo sáìtì rí | 800,000 | 214,000 | 0.40 |
| 5. YouTube, fídíò aṣọ òkè | 1,000,000 | 281,000 | 0.42 |

Bí a ṣe rí ìrìn: a pín owó tó ti lọ sí owó oṣù, a sì tún fi ìdá oṣù tó ti kọjá pín in. Bó bá jẹ́ 1.00, owó àti ọjọ́ jọ ń rìn ni. Láti 0.90 dé 1.10, ẹ má fọwọ́ kàn án.

```
=(C2/B2)/(DAY(TODAY()-1)/DAY(EOMONTH(TODAY()-1,0)))
=C2/(B2*$H$1)
```

Ìlà kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ìlà àkọ́kọ́ gbà pé gbogbo ọjọ́ dọ́gba, èyí ò sì rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó ń ra léèsì fún ìgbéyàwó kì í sanwó ní ọjọ́ 19, ó máa ń béèrè iye, ó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, ó sì máa ń dúró de owó oṣù. Fún àwọn ìpolówó tó ń wá ẹni tó fẹ́ rà, ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kí ìdá 55 lọ láti ọjọ́ 1 dé 20, ìdá 10 láti 21 dé 24, ìdá 35 láti 25 dé 30. Nítorí náà 0.55 ló wà nínú `H1` lónìí. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo ìpolówó 3, kì í ṣe 0.98 mọ́, 1.19 ni. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 690,000 péré ló kù tó máa gbé e láti òní dé ọjọ́ 30, bẹ́ẹ̀ 700,000 ló yẹ kó ní fún ọjọ́ 25 sí 30 nìkan.

Ìpolówó 2 ló ń jó. Láti ọjọ́ 1 dé 7, owó ojoojúmọ́ rẹ̀ jẹ́ 40,000, ó sì ná 280,000, kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ 8 a gbé e sí 80,000 nítorí ìsinmi June 12. Ìsinmi parí, kò sẹ́ni tó dá a padà. Láti ìgbà náà ó ń ná bíi 63,400 lójúmọ́. Ohun tó kù sí i jẹ́ 96,000, ìyẹn ò pé ọjọ́ méjì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé Google á dá a dúró fúnra rẹ̀. Kò ní dá a dúró. Lóòótọ́, Google lè ná tó ìlọ́po méjì owó ojoojúmọ́ ní ọjọ́ kan, àmọ́ láàárín oṣù kì í gbà ju ìlọ́po 30.4 owó ojoojúmọ́ lọ. Ààlà yẹn ń ṣọ́ ẹni tí kò yí nǹkan kan padà. Bí a bá ti yí owó ojoojúmọ́ padà láàárín oṣù, á tún un ṣírò: ohun tó ti lọ, ká fi owó tuntun ní ìlọ́po iye ọjọ́ tó kù lé e. Ní ọjọ́ 8, ọjọ́ 23 ló kù ká ka òní mọ́ ọn, 280,000 àti 80,000 lọ́nà 23, ó di 2,120,000. Ní ti Google, ìpolówó yìí ṣì ní owó púpọ̀ láti ná. 1,200,000 tó wà nínú ìwé wa, àwa nìkan la mọ̀ ọ́n.

Ṣé owó tó pọ̀ sí i yẹn mú oníbàárà wá? Díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni kan tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ń ná wa ní 1,150 náírà. Lẹ́yìn ọjọ́ 8, ó di 1,870. Mo ṣí ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ gan-an kí wọ́n tó rí ìpolówó wa, mo rí `asoebi styles`, `lace styles for ladies`, `ankara gown styles`. Àwòrán tí wọ́n máa fi han télọ̀ ni wọ́n ń wá, aṣọ kọ́. Owó tó pọ̀ ló tì wá dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà kí a kọ́kọ́ dí `styles` mọ́ ìpolówó yìí kí a tó fi kọ́bọ̀ kan kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fara mọ́ fífi 300,000 kún un, nítorí àwọn tó tẹ iye yáàdì tàbí orúkọ ọjà Balógun ń rà lóòótọ́. Ìpolówó yìí yóò ní 396,000: 30,000 lójúmọ́ láti 21 dé 24, 46,000 lójúmọ́ láti 25 dé 30.

Ìpolówó 4 ń náwó díẹ̀ nítorí pé àwọn tí a lè fi hàn ń dín kù. Wọ́n tún sáìtì ilé ìtajà ṣe ní ọjọ́ 3, Meta Pixel ò sì bá sáìtì tuntun wọlé. Ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn ni a ní kó máa wò. Ní òní, kìkì àwọn tó wọlé láàárín ọjọ́ 22 Oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 2 oṣù yìí ló ṣẹ́kù lórí àkọsílẹ̀, lójoojúmọ́ ni ọjọ́ kan sì ń bọ́ kúrò lára wọn. Àwọn díẹ̀ tó kù ti rí ìpolówó kan náà ní ìgbà 11 láàárín ọjọ́ 7. Bí a bá fi tipátipá ná 586,000 tó kù, àwọn èèyàn kan náà ni a ó máa dà láàmú títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dí wa. Mo dín in kù sí 400,000 fún oṣù. Èyí tó kù níbẹ̀ á jẹ́ 186,000, 18,600 lójúmọ́, ó sì tó, bí Pixel bá padà sáìtì lónìí.

Ìpolówó 5 yàtọ̀. Fídíò ò jáde àfi ọjọ́ 12, àmọ́ owó ojoojúmọ́ tí a fi sí i ni 33,333, bí ẹni pé láti ọjọ́ 1 ló ti ń rìn. Kò tọ́ ká fi 0.42 dá a lẹ́jọ́. Nínú ọjọ́ 19 tó jẹ́ tirẹ̀, 9 ti lọ, ìrìn rẹ̀ gan-an sì jẹ́ 0.59. Ó ṣì lọ́ra, ẹ̀bi iye tí a tẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí a gbé e sí 50,000 lójúmọ́, kí ó parí ní 781,000. Kí a má ṣe gbé e sí 71,900 torí pé a fẹ́ ná owó tán. Fídíò kan ṣoṣo ni, á sú ará Èkó.

Ìpolówó 1 dára. Ẹ fi í sílẹ̀.

Nípa bẹ́ẹ̀, 619,000 ló bọ́ sílẹ̀ lára 4 àti 5. 300,000 lọ sí ìpolówó 2, 200,000 lọ sí ìpolówó 3. Ẹ má ṣe da ti ìpolówó 3 lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ìyípadà bá pọ̀, Meta á padà sí ẹ̀kọ́ kíkọ́, ó sì ń fẹ́ bíi àbájáde 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde níbẹ̀. A ò ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo ṣe tò ó: 65,000 lójúmọ́ láti 21 dé 24, lẹ́yìn náà 78,000, 93,000, 110,000, 115,000, 117,000, 117,000. 890,000 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ kan lè fò ju iye tí a tẹ̀ lọ, torí Meta lè ná tó ìdá 75 ju owó ojoojúmọ́ lọ ní ọjọ́ kan, kó sì dín in ní òmíràn kó má bàa ju ìlọ́po méje lọ ní ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí 113,000 ní ọjọ́ 22, ẹ má pa á.

119,000 ló ṣẹ́kù. Mi ò rí ibi tó yẹ kó lọ ní ọjọ́ mẹ́wàá yìí, nítorí náà kí ó jẹ́ ti oníbàárà, kí a gbé e sí Oṣù Keje. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kí ìwé òpin oṣù fi hàn pé gbogbo owó ti lọ. Owó oníṣòwò ni o, Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ń jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Balógun láti àárọ̀.

Láti Oṣù Keje lọ, a ó máa ka ìrìn ní ọjọ́ 5, 10, 20 àti 25. Èyí tó bá ju 1.15 lọ ní ọjọ́ 10 tàbí tó bá dín ní 0.85 ní ọjọ́ 20, ká ṣí i wò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gbé owó ojoojúmọ́ sókè nítorí ìsinmi tàbí ẹ̀dínwó yóò kọ ọjọ́ tí yóò padà sílẹ̀ sínú ìwé ìyípadà kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà kí aago 12 ọ̀sán tó lù, pàápàá lórí 119,000 yẹn, kí ẹ sì bá ẹni tó ṣe sáìtì sọ̀rọ̀ nípa Pixel. Ìpolówó 2 ò lè dúró de èsì: mo ti dín in kù sí 30,000 lójúmọ́ láàárọ̀ yìí.