Ínfọ́ìsì 0047-B: owó iṣẹ́ tó kù àti owó ìpẹ́sanwó (èyí rọ́pò ti àná)

Ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀ mà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ lánàá tì, èyí ni kí ẹ fún akáúńtáǹtì yín. Iye tó wà nílẹ̀ lónìí, ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2025, jẹ́ dọ́là 1,123.20. Kì í ṣe dọ́là 1,152 tí mo kọ lánàá.

Èmi ni mo ṣírò rẹ̀ lódì. Mo yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo owó iṣẹ́, dọ́là 1,800, nígbà tí àdéhùn wa sọ pé orí owó tó ṣẹ́ kù nìkan ni. Ẹ ti san dọ́là 720 sílẹ̀ láti ọjọ́ 5 oṣù kẹta, kí n tó fa ìlà kan lórí bébà. Kò sí ìdí tí owó tó ti wà lọ́wọ́ mi yóò tún fi máa jẹ èlé sí yín lọ́rùn. Dọ́là 28.80 ni àṣìṣe náà fi kún un, mo sì ti yọ ọ́ kúrò.

Ohun kejì ni ohùn tí mo fi kọ ọ́. Mo kàn ju “owó ìtanràn” sílẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí, n kò sì sọ ibi tó ti wá. Ẹ má bínú sí ìyẹn, mà. Owó ìtanràn kọ́ ló ń jẹ́ nínú ìwé wa, owó ìpẹ́sanwó ni, àwa méjèèjì la sì jọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Bí ó ṣe wà ní ìpínrọ̀ 6 nìyí, mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà:

“Oníbàárà yóò san owó tó kù láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ínfọ́ìsì bá jáde. Bí ọjọ́ yìí bá kọjá, tí òṣìṣẹ́ sì ti fi ìránnilétí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, owó ìpẹ́sanwó yóò jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù, fún ọgbọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá pé. Ọjọ́ tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n kò ní owó lórí. Owó ìpẹ́sanwó kò ní bí òmíràn.”

Bí nǹkan ṣe lọ nìyí. Ìwé àbọ̀ ọdún yín, ojú-ìwé 24, dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 22 lẹ kọ̀wé pé ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sì ní kí n kó fáìlì ìtẹ̀wé fún àwọn atẹ̀wé. Ínfọ́ìsì 0047 jáde ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 23, nítorí náà ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ ìsanwó. Mo rán yín létí ní ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, mo tún rán yín létí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Èsì tí mo gbà lẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni pé “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀”. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ti di mẹ́ta báyìí.

Láti ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ìkejì sì pé ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Òní jẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélọ́gọ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin tó lé yẹn, mi ò ka owó kankan lé e lórí.

ÍNFỌ́ÌSÌ 0047-B
Iṣẹ́: ìṣètò ojú-ìwé àti yíya àwòrán ìwé àbọ̀ ọdún, ojú-ìwé 24
Owó iṣẹ́ lápapọ̀: dọ́là 1,800.00
Àsansílẹ̀ tí mo ti gbà, ọjọ́ 5 oṣù kẹta: dọ́là 720.00
Owó iṣẹ́ tó kù: dọ́là 1,080.00
Owó ìpẹ́sanwó, ìpínrọ̀ 6 (dọ́là 21.60 lọ́nà méjì): dọ́là 43.20
Àpapọ̀ tó yẹ kí ẹ san: dọ́là 1,123.20

Mo ya owó ìpẹ́sanwó sí ìlà tirẹ̀ kí akáúńtáǹtì má baà rò pé owó iṣẹ́ ló wọ́n sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ kí n kọ ọ́ sí ínfọ́ìsì ọ̀tọ̀ pátápátá, kí wọ́n sọ, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bí owó náà bá wọlé títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, dọ́là 1,123.20 ni, kò lọ sókè. Ọgbọ̀n ọjọ́ kẹta yóò pé ní ọjọ́ yẹn, bó bá sì wọ ọjọ́ 6 láì tíì san, dọ́là 21.60 mìíràn yóò kún un, yóò di dọ́là 1,144.80. Tó bá jẹ́ pé owó náà kò lè jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ san, orí owó iṣẹ́ ni màá ti yọ ọ́, kí ohun tí ìdá méjì yóò gun lé lè dín kù. Ẹ ṣáà kọ ọjọ́ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.

Àkáǹtì tí ẹ san àsansílẹ̀ sí náà ni kí ẹ san án sí. Kò yí padà, kò sì ní yí padà nípasẹ̀ ímeèlì. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn ránṣẹ́ sí yín lórúkọ mi, kódà kó dà bí ẹni pé ímeèlì mi ló ti wá, ẹ pè mí lórí fóònù kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ti mọ irú ínfọ́ìsì báyìí dáadáa.

Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí n fi dọ́là 43.20 náà sílẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fa ìpínrọ̀ kan yọ lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí i, mi ò mọ èyí tí ẹ̀yin náà yóò ní kí n fa yọ lọ́la. Tó bá jẹ́ pé ohun kan nínú iṣẹ́ náà ló fa ìdádúró, tí ẹ kò sì tíì sọ fún mi, ẹ sọ ọ́ kí àpapọ̀ yìí tó di ohun tí a ń jà lé lórí. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀sùn kan rárá láti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin.

Ní ti ìwé pélébé tí ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yà, mo ti ka àlàyé rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìpínrọ̀ 9 ni kò jẹ́ kí n tíì fọwọ́ kàn án: iṣẹ́ tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ínfọ́ìsì bá wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni màá kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìlà kan péré dá mi lóhùn kí ọjọ́ 14 oṣù yìí tó kọjá, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa san án. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ni owó náà há sí, nítorí náà ẹ lè ní kí akáúńtáǹtì fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi tààrà.

Mo dúpẹ́, mà.

Ayọ̀délé